Ẹ bá mi wo àtẹ̀jíṣẹ́ ìpàdé ẹbí yìí kí n tó fi ránṣẹ́

Àbúrò Ìyàwó (Jímọ̀, ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án, 2026)

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ṣègbéyàwó ní Sátidé, ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá, níbí ní Òṣogbo. Bàbá wa ti ṣaláìsí, Bàbá Mọ́gàjí tí wọ́n jẹ́ ẹ̀gbọ́n wọn ló dúró bíi bàbá fún wa. Àwọn ló ní kí n pe ẹbí jọ kí ìnáwó tó dé tán, kí n kọ ọ́ sórí Wásáàpù ẹbí. Ohun tí mo kọ nìyí:

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ìpàdé ìfètò ẹbí yóò wáyé ní Sátidé, ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá, ní aago méjì ọ̀sán, ní ilé wa. Kí gbogbo ẹbí gbìyànjú kí wọ́n wá. Ó ṣe pàtàkì. Ẹ ṣé."

N kò tíì tẹ̀ ẹ́ lọ. Ẹ̀rù ń bà mí nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wa ń ṣègbéyàwó. Bàbá Kékeré kan nínú ilé wa ní ẹnikẹ́ni ò sọ fún àwọn, pé ẹlẹ́ran l'Ọ́jà Ọba ló fi tó àwọn létí. Lọ́jọ́ ìdána, wọ́n wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, wọ́n jókòó sí pẹpẹlẹ ilé wọn, wọ́n ń jẹ àgbàdo sísun. Ilé wọn kò ju ilé mẹ́ta sí tiwa lọ. Ìlù ń dún, gbogbo àlejò tó ń kọjá ló ń kí wọn, wọ́n ń dáhùn. Wọn ò dìde. Mi ò fẹ́ irú rẹ̀ mọ́.

Màmá Nọ́ọ̀sì

Ọmọ mi, o káre. Ìfètò-sọ́mọ-bíbí kí ìgbéyàwó tó wáyé, ohun tó dára ni, àwọn ọ̀dọ́ kì í sábà rò ó. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí o fẹ́ pe gbogbo ẹbí sí i? Tọkọtaya náà nìkan ló kàn. Kí wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó wà ládùúgbò wọn, nọ́ọ̀sì yóò jókòó tì wọ́n. Bí wọn ò bá sì tíì yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kí wọ́n tètè ṣe é, kí wọ́n má baà jẹ́ AS àti AS.

Sọ́jà Fẹ̀yìntì

Màmá, ìpàdé ìnáwó ni ọmọ yìí ń wí o! Ẹ jọ̀ọ́, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Àbúrò, ṣùgbọ́n má fi Màmá ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí wọ́n kà ni o kọ. Bí nọ́ọ̀sì bá lè ṣì í gbọ́, àǹtí rẹ kan náà yóò ṣì í gbọ́, yóò sì fi ohùn ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí kí o tó jí. Kọ "ìpàdé ẹbí lórí ìgbéyàwó ọmọ wa". Ó parí.

Èkejì, mo gbé kàlẹ́ńdà sọ̀kalẹ̀ lára ògiri. Ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá, Sọ́ńdè ni. Sátidé, ọjọ́ 10 ni. Èwo lo ní lọ́kàn? Tó o bá fi ránṣẹ́ báyìí, àwọn tó ń fi Sátidé ṣe àmì yóò wá lọ́jọ́ 10, àwọn tó ń wo iye ọjọ́ yóò wá lọ́jọ́ 11, ọ̀rọ̀ á di "àwa wá, a ò bá yín". Mo ti rí i rí. Ẹni tó kọ́kọ́ wá tí kò bá ẹnikẹ́ni kì í wá lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ̀kẹta, "ilé wa". Ilé wo? Ṣé ẹ ò ní ju ilé kan lọ ni?

Àbúrò Ìyàwó

Sọ́ńdè ni sà. Ẹ ṣé gan-an. Mo kọ́kọ́ fẹ́ fi í sí Sátidé, mo wá yí iye ọjọ́ padà, mo gbàgbé orúkọ ọjọ́.

Ilé méjì la ní lóòótọ́. Ilé tí bàbá wa kọ́ sí Òkè-Fìà, níbi tí màmá wa ń gbé, àti agbo ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun níbi tí Bàbá Mọ́gàjí wà. Òkè-Fìà ni mo ní lọ́kàn, nítorí àyè wà fún mọ́tò.

Ìyá Alága

Ẹ kú ìjókòó o. Iṣẹ́ alága ìjókòó ni mo ń ṣe, ó ti pẹ́. Ibi tí mo ti ń rí i pé ìdána máa dàrú, kì í ṣe lọ́jọ́ ìdána. Láti orí ìwé ìpè ìpàdé ẹbí ni.

Ọmọ mi, gbọ́ mi dáadáa. Ti Wásáàpù kọ́ ni wàhálà rẹ. Ẹni tó yẹ kí ó gbọ́ lẹ́nu kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ lójú fóònù. Bàbá Kékeré yín tó jẹ àgbàdo lọ́jọ́ ìdána yẹn, ó dá mi lójú pé àtẹ̀jíṣẹ́ náà wà nínú fóònù ọmọ wọn. Wọ́n gbọ́. Ohun tó dùn wọ́n ni pé ẹnikẹ́ni ò gbé ẹsẹ̀ wá.

Nítorí náà, sọ fún mi ná: bàbá tó bí bàbá yín, ìyàwó mélòó ni wọ́n ní?

Àbúrò Ìyàwó

Mẹ́ta mà. Bàbá Mọ́gàjí ti ìdí àkọ́kọ́ wá, Bàbá Kékeré tí mo sọ yẹn ti ìdí kejì, bàbá wa ti ìdí kẹta.

Ìyá Alága

Mo mọ̀. Ìdí mẹ́ta. "Kí gbogbo ẹbí gbìyànjú" tí o kọ, bí ó ṣe máa ń yọrí sí ni pé ìdí kẹta, ìyẹn tiyín, yóò kún yàrá, ìdí kìíní yóò wá nítorí pé Mọ́gàjí wà níbẹ̀, ìdí kejì yóò sì máa wò ó pé ẹlòmíràn nínú àwọn á lọ. Bí o bá pe gbogbo èèyàn, ẹnikẹ́ni ò gbà pé òun lo pè.

Bí mo ṣe máa ń ní kí wọ́n ṣe é nìyí. Kọ́kọ́ mú àwọn tí ìpàdé ò lè ṣí láìsí wọn. Nínú ilé tiyín, Mọ́gàjí ni ẹnìkíní. Lẹ́yìn wọn, ẹnì kan láti ìdí kọ̀ọ̀kan, àgbà, tí ó lè sọ̀rọ̀ dípò ìdí rẹ̀, kì í ṣe ọmọdé tí wọ́n rán pé kó lọ gbọ́ kó wá sọ. Màmá yín, àti ọkùnrin kan láti ẹbí tí wọ́n ti wá. Èyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé. Bí ẹrù ìdána bá dé, ẹbí ìyá ní ìpín tiwọn, bí wọn ò bá sì sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ ń sọ bí ẹ ó ṣe pín in, ìjà ni. Lẹ́yìn náà, ìyálé ilé, ìyẹn àgbà àwọn ìyàwó ilé, torí àwọn ló máa dáná, àwọn ló sì mọ ìkòkò mélòó ló wà. Àti ẹnì kan nínú àwọn ọmọ osú, obìnrin ilé yín tó ti lọ sílé ọkọ, nítorí bí ìyàwó bá ń kúnlẹ̀, àwọn ni yóò wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ká a. Ènìyàn mẹ́jọ ni, Mọ́gàjí wà níbẹ̀. Àwọn mẹ́jọ yìí, bí o bá wà l'Óṣogbo, ẹsẹ̀ ni kí o fi lọ. Èyí tó jìnnà, pè é. Kì í ṣe àtẹ̀jíṣẹ́, ohùn ni. Lẹ́yìn tí àwọn mẹ́jọ bá ti gbọ́, tí wọ́n sì ti gbà pé ọjọ́ náà rọ̀ wọ́n lọ́rùn, o lè wá gbé e sórí Wásáàpù. Àtẹ̀jíṣẹ́ wá di ìránnilétí. Kò sì sí ẹni tó lè sọ pé òun ò gbọ́.

Tísà Àtijọ́

Ìyá Alága ti sọ̀rọ̀ àgbà. Mo fẹ́ fi kún un. Ẹni tó bá lọ sọ fún àgbà, ó gbọdọ̀ gbé obì àbàtà àti ìgò ṣínáàpù dání, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ a ò pè é.

Mo sì rò pé kíkọ ọjọ́ bí òyìnbó ṣe ń kọ ọ́ ló ń da nǹkan rú fún àwọn àgbà. Kí o kàn sọ fún wọn pé "òní ìtàdógún". Gbogbo àgbà ló mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ méjì ni ìtàdógún. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀.

Ìyá Elépo

Tísà, ẹ dúró ná. Ọjà ni mo ń ná láti kékeré. Ìtàdógún kì í ṣe ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ wa. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni, bí orúkọ rẹ̀ ṣe jẹ́, a sì máa ń ka ọjọ́ tí a wà mọ́ ọn. Bí a ṣe ń ka ọjà ọrọọrún náà nìyẹn: ọjọ́ tí a ná ọjà ni ìkíní, ọjọ́ tí a tún ná an ni ìkarùn-ún, òun ló fi jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́ta péré ló wà láàárín.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká kà á. Òní Jímọ̀, ọjọ́ 25, ẹ pè é ní ìkíní. Ìkẹtàdínlógún bọ́ sí Sọ́ńdè, ọjọ́ 11 gan-an. Ó bá ọjọ́ ọmọ yìí mu. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbà pé ọ̀sẹ̀ méjì ni, bíi ti Tísà, òun á bọ́ sí Jímọ̀ ọjọ́ 9. Bí ọmọ yìí bá sì lọ sọ ọ́ lọ́la dípò òní, ìtàdógún ti sún lọ sí Mọ́ńdè ọjọ́ 12. Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ọjọ́ mẹ́ta. "Òní ọjọ́ mẹ́jọ" nìkan ni kò sí ẹni tó ń ṣì í gbọ́, torí gbogbo èèyàn mọ̀ pé láti Sọ́ńdè dé Sọ́ńdè ni.

Nítorí náà, kí ó sọ orúkọ ọjọ́, kí ó sọ iye ọjọ́, kí ó sọ oṣù. Tó bá délé àgbà, kí ó wò yíká ògiri, kàlẹ́ńdà kan máa ń wà níbẹ̀, kí ó fi bírò yí ọjọ́ náà po kó tó kúrò.

Ìyá Alága

Ìyá Elépo, kí Ọlọ́run bù kún ẹnu yín. Bírò yẹn, mo ti mú un.

Ti ṣínáàpù, Tísà, ọ̀tọ̀ nilé kọ̀ọ̀kan. Ìlú Òṣogbo nìyí, Àlùfáà àti Alhájì pọ̀ nínú ẹbí. Ẹni tí o bá gbé ṣínáàpù lọ bá, tó jẹ́ ẹni tó ń kírun wákàtí márùn-ún, o ti ba ọ̀rọ̀ jẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Obì lọ́dọ̀ Mọ́gàjí, mo gbà. Àwọn yòókù, ìdọ̀bálẹ̀ kí wọn ti tó.

Ó kù sí ibi tí ẹ ó ti ṣe é. Ọmọ mi, má ṣe é ní Òkè-Fìà. Mo mọ̀ pé àyè mọ́tò wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìdí kìíní àti ìdí kejì bá wá jókòó sínú ilé tí bàbá yín kọ́, àlejò ni wọ́n, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ bí àlejò. Wọn ò ní jiyàn, wọn ò sì ní dá owó. Ní agbo ilé, ilé gbogbo wọn ni, ọ̀rọ̀ á jáde lẹ́nu. Kí mọ́tò dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì, kò ni èèyàn lára láti fi ẹsẹ̀ rìn wọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Aago méjì Sọ́ńdè náà kò dára. Oṣù Kẹwàá, ìkórè ń lọ ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, aago méjì lè bá àwọn tó jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì lórí ìjókòó. Àwọn tó ń kírun náà á máa wo Àlàásárì. Fi í sí aago mẹ́rin àbọ̀. Wọ́n ti kírun, wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, wọ́n ti jẹun, Màgàríbì yóò sì fi ipá tú yín ká. Ìpàdé tí kò ní ohun tó máa tú u ká, aago mẹ́wàá alẹ́ ló ń parí, pẹ̀lú ìjà.

Ará Èkó

Ẹ̀yin èèyàn mi, tèmi ni kí ẹ gbọ́. Wọ́n ṣe irú ìpàdé yìí nílé wa, wọ́n ò kọ iye aṣọ ẹbí sínú ìwé ìpè. Mo wakọ̀ láti Èkó, mo dé Òṣogbo, ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ iye tí wọ́n bù lé mi. Bí mo bá mọ̀, mo lè fi owó náà ránṣẹ́, kí n jókòó sílé mi. Kí Àbúrò kọ owó sí i, kí olúkúlùkù mọ ohun tó ń bọ̀ wá bá.

Ẹ̀wẹ̀, ẹni tó jìnnà, ṣé kò lè wọlé sí ìpàdé láti orí fídíò ni?

Sọ́jà Fẹ̀yìntì

Ará Èkó, ohun tí o sọ gan-an ni ìdí tí kò fi yẹ kí owó wà níbẹ̀. "Mo lè fi ránṣẹ́, kí n jókòó sílé mi." Owó ẹni nìkan kọ́ ni wọ́n ń pe ìpàdé fún, ara rẹ ni.

Ará Èkó

Sà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, epo bẹntiróò kì í ṣe ara mi, owó ni wọ́n fi ń rà á. Èmi ò yí ọ̀rọ̀ mi padà o.

Ìyá Alága

Ẹ̀yin méjèèjì, èmi á dúró láàárín. Kí ó má kọ iye owó, kí ó kọ ohun tí wọ́n máa jíròrò, kí ẹnikẹ́ni má bá nǹkan lójijì: àtòjọ ẹrù ìdána tí a ó fi fún àwọn àna, aṣọ ẹbí, ẹni tó máa ṣe oúnjẹ. Ẹni tó bá rí "aṣọ ẹbí" níbẹ̀ ti mọ̀ pé kí òun mú nǹkan dání.

Fídíò ńkọ́? Mi ò mọ̀. Mo ti rí ibi tó ṣiṣẹ́. Mo sì ti rí ibi tí àgbà kan fi ń sọ̀rọ̀ sí etí ẹnìkejì rẹ̀ nítorí pé kò mọ ẹni tó ń gbọ́ ọ lẹ́yìn fóònù. Kí Mọ́gàjí sọ èyí tí àwọn fẹ́.

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Ẹ yẹ ẹgbẹ́ Wásáàpù tí ẹ ń fi í sí wò kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ẹbí kan tí mo ṣe alága fún, ẹgbẹ́ "Ìgbéyàwó Wa" tí ọkọ àti àwọn èèyàn rẹ̀ wà nínú rẹ̀ ni wọ́n fi í sí. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé "kí a lè mọ iye tí a ó bù lé wọn". Ọkọ ìyàwó kà á. Lọ́jọ́ ìpàdé, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti jókòó sí pálọ̀ kí onílé tó dé, wọ́n gbé mínírà páálí méjì wá. Ẹnikẹ́ni ò lè lé wọn, ẹnikẹ́ni ò sì lè sọ̀rọ̀. Wọ́n mu mínírà, wọ́n tú ká, wọ́n tún ìpàdé pè.

Àbúrò Ìyàwó

Ẹ̀yin àgbà, mo dúpẹ́. Mo tún un kọ:

"Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin ẹbí wa. Bàbá Mọ́gàjí ní kí n kí yín. Wọ́n ń pè yín sí ìpàdé ẹbí lórí ìgbéyàwó ọmọ wa obìnrin ti ìdí kẹta, tí yóò wáyé ní Sátidé, ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá, 2026.

Ọjọ́ ìpàdé: Sọ́ńdè, ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá, 2026.
Àsìkò: aago mẹ́rin àbọ̀ ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn Àlàásárì. A ó parí kí Màgàríbì tó tó.
Ibi ìpàdé: pálọ̀ Bàbá Mọ́gàjí, agbo ilé wa, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Kì í ṣe Òkè-Fìà. Ẹni tó bá gba ọ̀nà Gbọ̀ngán wọlé, kí ó sọ̀ ní Ọláìyá, kí ó wọ Kọ́rọ́pẹ́ Ọjà Ọba, kí ó pè mí tó bá débẹ̀.

Dandan ni kí àwọn wọ̀nyí wà níbẹ̀: Bàbá Mọ́gàjí, àgbà kọ̀ọ̀kan láti ìdí kìíní, ìdí kejì àti ìdí kẹta, màmá ìyàwó pẹ̀lú àbúrò wọn ọkùnrin, ìyálé ilé, ẹnì kan nínú àwọn ọmọ osú. Gbogbo wọn la ti fi ẹnu sọ fún. Ẹbí yòókù tó bá ráyè, ààyè wà.

A ó sọ̀rọ̀ lórí àtòjọ ẹrù ìdána, aṣọ ẹbí àti oúnjẹ. Ẹni tí kò bá ní lè wá, kí ó pe Bàbá Mọ́gàjí kó tó di Jímọ̀ ọjọ́ 9, kí ó sì sọ ẹni tó máa dúró fún un."

Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ṣé kí ìyàwó jókòó níbẹ̀?

Màmá Nọ́ọ̀sì

Báyìí ni mo tó mọ̀ pé ìpàdé gidi ni. Ẹ foríjì mí o. Èmi rò pé ó yẹ kí ìyàwó wà níbẹ̀, ara rẹ̀ ni wọ́n ń sọ.

Tísà Àtijọ́

Kò yẹ. Kò sí ìyàwó tó ń gbọ́ iye iṣu tí wọ́n fi gbé òun.

Ìyá Alága

Ilé kan ń ṣe é, ilé kan kì í ṣe é. Tiwa kì í ṣe é, ṣùgbọ́n ọmọ mi obìnrin wà nínú yàrá kejì, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ìwé yìí dára. Má tíì tẹ̀ ẹ́ lọ. O kọ síbẹ̀ pé gbogbo wọn lo ti fi ẹnu sọ fún. Ṣé o ti sọ fún wọn?

Àbúrò Ìyàwó (Sátidé, ọjọ́ 26)

Mo ti ń lọ káàkiri láti àárọ̀ mà. Mo ka ìwé náà sí Bàbá Mọ́gàjí létí. Wọ́n ní kí n yọ "dandan" kúrò, pé ọmọdé kì í kọ dandan sí àgbà. "Ojú yín ni a ó máa wò" ni wọ́n ní kí n kọ síbẹ̀. Lórí fídíò, wọ́n bi mí léèrè pé ṣé fóònù máa jẹ àmàlà ni.

Mo wá dé ọ̀dọ̀ Bàbá Kékeré ìdí kejì. Mo dọ̀bálẹ̀. Wọn ò sọ pé kí n dìde kíákíá. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, wọ́n ka ìdí wọn sí mi létí, láti orí ẹni tó wà ní Ìlobù títí dé ẹni tó wà ní Èkìtì, wọ́n ní ìdí àwọn ló pọ̀ jù nínú ilé náà, ẹnì kan ò lè ṣojú àwọn, méjì làwọn máa mú wá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fún mi ní bírò tiwọn pé kí n yí ọjọ́ náà po. Ìyá Alága, ṣé kí n gbà fún méjì? Bí ìdí kìíní bá gbọ́, àwọn náà á fẹ́ méjì.

Ìyá Alága

Gbà. Kí ìdí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mú méjì-méjì wá. Yá àga kún un.